Bí a ṣe ń pín owó ìpolówó tí kò pọ̀ sórí Gúgù, Fesibúùkù àti fídíò: Àpẹẹrẹ èlùbọ́ Ìwéré-Ilé

Ìwéré-Ilé ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà, ní agbègbè Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sì jìnnà sí ààlà Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe, èlùbọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ gbogbo Òkè-Ògùn. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn alájàpá ti máa ń wá láti Ìbàdàn àti Èkó, tí wọ́n á ra ọjà náà ní àpò ńlá, tí wọ́n á sì lọ tà á lábẹ́ orúkọ tiwọn tàbí láìlórúkọ rárá. Ẹni tó bá wá di èlùbọ́ tirẹ̀ sínú àpò kílò 5, tó fún un ní orúkọ, tó sì fẹ́ tà á tààrà fún ẹni tí yóò rò ó ní àmàlà jẹ, ó di dandan kó polówó, nítorí kò sí ẹni tó mọ orúkọ náà ní Ìbàdàn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórí ayélujára. Èkíní ni Gúgù, níbi tí ìpolówó ti ń yọ sí ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ kan láti wá nǹkan. Èkejì ni Fesibúùkù àti Ìnsítágíráàmù, tí iléeṣẹ́ Mẹ́tà ni méjèèjì. Ẹ̀kẹta ni fídíò orí Yútúùbù. Gúgù ló ni Yútúùbù láti ọdún 2006, ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé inú àkáǹtì kan náà ni a ti ń sanwó fún ọ̀nà kìíní àti ẹ̀kẹta.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tuntun máa ń ṣe ni pé wọ́n á gé owó oṣù sí ọ̀nà mẹ́ta ọgbọọgba. Ó dà bí ẹni pé ó tọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Gúgù ní ibi tí owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí, torí pé iye ẹni tó ń wá èlùbọ́ lóṣù kò ju bó ṣe wà lọ. Fesibúùkù ní iye tí owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí, nítorí pé tó bá ti kéré jù, ẹ̀rọ wọn kò ní rí ohun tí yóò fi kọ́ irú ẹni tó ń ra ọjà náà. Fídíò ní tirẹ̀ kì í sábà mú owó wọlé lójú ẹsẹ̀, bí a bá sì fọ́n owó rẹ̀ ká gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sí ẹni tí yóò rí i tó ìgbà tí yóò fi rántí rẹ̀.

Iye tí oníbàárà kan lè náni

Kí a tó pín kọ́bọ̀ kan, èrè orí àpò kan ni a ó kọ́kọ́ mọ̀. Gbogbo iye tí a ó lò nínú àpẹẹrẹ yìí, àfojúbù ni wọ́n, kí ìṣirò lè ṣe kedere ni a ṣe mú wọn. Ọlọ́jà yóò fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ká sọ pé iṣu, iṣẹ́ ọwọ́, ọlọ àti àpò kílò 5 kan jẹ́ ₦9,000, tí a sì ń tà á ní ₦13,500, tí oníbàárà ń san owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Èrè jẹ́ ₦4,500. Bí ọlọ́jà bá pinnu pé òun kò ní ná ju ₦2,000 lọ láti rí oníbàárà tuntun kan, ₦2,000 yìí ni òṣùwọ̀n tí a ó fi wọn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iye ènìyàn tó fẹ́ràn àwòrán èlùbọ́ kọ́, iye ènìyàn tó tẹ ìpolówó náà pàápàá kọ́.

Ká tún sọ pé owó oṣù kan jẹ́ ₦90,000. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń di ìpolówó. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 ni Mẹ́tà ti ń fi owó-orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kún owó ìpolówó àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Nàìjíríà, Gúgù náà sì ń gbà á. Bí a bá fi ₦90,000 pín sí 1.075, nǹkan bí ₦83,700 ló kù fún iṣẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn, ìparí oṣù ni yóò máa wá ₦6,300 tó sọnù lójú rẹ̀.

Gúgù: ibi tí owó gbọ́dọ̀ dúró sí

Gúgù ni a ó kọ́kọ́ bù fún, kì í ṣe nítorí pé òun ló tóbi jù, bí kò ṣe pé ẹni tó tẹ «ibi tí mo ti lè ra èlùbọ́ ní Ìbàdàn» ti mú owó lọ́wọ́. Ohun tó yẹ kí a wádìí ni iye irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Inú àkáǹtì ìpolówó Gúgù ni irinṣẹ́ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Keyword Planner. Bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, tí a sì yan Ìbàdàn àti Èkó, yóò sọ ìwọ̀n iye ìgbà tí àwọn ènìyàn ń wá ọ̀rọ̀ náà lóṣù. Fún àkáǹtì tí kò tíì náwó púpọ̀, kì í dárúkọ iye gan-an. Ó lè kọ 100 – 1K nìkan, ìyẹn láti 100 sí 1,000.

Ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù kì í sábà fi àmì ohùn sí i, ó sì máa ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni a ó ṣe kọ ọ́, kì í ṣe bí ìwé ṣe ń kọ ọ́. Àkọsílẹ̀ kékeré tó tó fún oṣù kìíní lè rí báyìí:

```
[elubo isu]
"buy elubo"
"yam flour ibadan"
-lafun
-recipe
-plantain
```

Àmì àkámọ́ sọ fún Gúgù pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an, tàbí èyí tó bá a dọ́gba ní ìtumọ̀, ni a fẹ́. Àmì àyọlò gba pé kí ọ̀rọ̀ mìíràn wà níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Àmì ìyọkúrò ń lé àwọn tí kì í ṣe tiwa lọ: láfún ni ẹni kan ń wá, ẹlòmíràn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà ni, ẹ̀kẹta sì fẹ́ èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gbogbo wọn ni yóò tẹ ìpolówó náà bí wọ́n bá rí i, ọlọ́jà ni yóò sì sanwó rẹ̀. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìsí àmì kankan, Gúgù yóò gbà á ní fífẹ̀, yóò sì máa wá ohun tó bá fi ara jọ ọ́. Ibẹ̀ ni owó kékeré ti máa ń tán láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i.

Ewu kan wà tó kan ẹni tó wà ní ìlú bíi Ìwéré-Ilé ní pàtàkì. Gúgù yóò béèrè ibi tí a fẹ́ kí ìpolówó ti hàn. Bí ọlọ́jà bá yan ìlú tirẹ̀, àwọn tí wọ́n ní gbódó lókè àjà ni yóò máa polówó èlùbọ́ fún. Bó bá sì yan Ìbàdàn, kó ṣàkíyèsí pé ohun tí Gúgù ti yàn sílẹ̀ fún un ni àwọn tó wà ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn tó kàn nífẹ̀ẹ́ sí Ìbàdàn, níbikíbi tí wọ́n lè wà. Kó yí i sí Presence, kí ó lè jẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ nìkan. Kó tún yọ àmì kúrò lójú Display Network, tó ń gbé ìpolówó lọ sórí àwọn ìkànnì tí ẹnikẹ́ni kò ti máa wá èlùbọ́.

Ká sọ wàyí pé ìgbà 900 ni wọ́n ń wá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lóṣù ní ìlú méjèèjì, tí ẹni 10 nínú 100 sì ń tẹ ìpolówó náà. Ìtẹ̀ 90 nìyẹn. Bí ìtẹ̀ kan bá jẹ́ ₦120, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦10,800. Bí ẹni 7 nínú 100 tó tẹ̀ ẹ́ bá rà, oníbàárà 6 ni yóò yọrí sí, ẹnì kan á sì jẹ́ ₦1,800. Ó wà nísàlẹ̀ òṣùwọ̀n wa. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé bí a bá kó ₦30,000 sí i, ẹni tó ń wá èlùbọ́ kò ní pọ̀ sí i nítorí rẹ̀. Gúgù yóò kàn fi owó tó ṣẹ́kù sílẹ̀ ni, tàbí, bí a bá ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù, yóò ná an sórí àwọn tí kò fẹ́ rà. ₦10,800 ni ààlà tirẹ̀, ìyẹn ₦360 lójúmọ́. Kí ẹ̀rù má ba ọlọ́jà bó bá rí i lọ́jọ́ kan pé Gúgù ná ₦700. Ó lè ná ìlọ́po méjì owó ojúmọ́, ṣùgbọ́n kò ní gbà ju owó ojúmọ́ lọ́nà 30.4 lọ nínú oṣù kan.

Fesibúùkù: ibi tí owó kò gbọdọ̀ dín sí

Lórí Fesibúùkù àti Ìnsítágíráàmù, kò sí ẹni tó ń wá èlùbọ́. Àwòrán ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń wò lọ́wọ́ tí ìpolówó fi já sí i lójú. Ẹ̀rọ Mẹ́tà ló ń yan ẹni tí yóò fi hàn, ó sì nílò àpẹẹrẹ àwọn tó ti dáhùn kí ó tó mọ ẹni tó kàn. Mẹ́tà fúnra rẹ̀ sọ pé nǹkan bí àbájáde 50 láàárín ọjọ́ 7 ni ìpolówó kan nílò kí iṣẹ́ rẹ̀ tó dúró sójú kan. Títí di ìgbà náà, ọ̀rọ̀ Learning ni yóò máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ó bá di Learning limited, ó túmọ̀ sí pé owó tàbí àwọn ènìyàn tí a yàn kò tó, ẹ̀rọ náà sì ń táràrà.

Láti ibí ni a ti rí i pé ohun tí a pè ní àbájáde ṣe pàtàkì ju iye owó lọ. Bí ọlọ́jà bá ní kí Mẹ́tà máa wá ẹni tí yóò ra ọjà, oníbàárà 25 lóṣù jẹ́ nǹkan bí 6 lọ́sẹ̀, kò sì ní í kúrò nínú Learning títí ayé. Bí ó bá ní kí ó máa wá ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, ọ̀rọ̀ yí padà. Ká sọ pé ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lórí Wọ́sáàpù ń jẹ́ ₦250. ₦50,000 yóò mú 200 wá lóṣù, ìyẹn 50 lọ́sẹ̀, ó sì tó gẹ́lẹ́. Bí ẹnì kan nínú 8 wọn bá rà, oníbàárà 25 nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦2,000.

Kí èyí lè ṣeé ṣe, àkójọ kan ṣoṣo ni a gbọ́dọ̀ sanwó fún. Ẹni tó bá ṣe ọ̀kan fún àwọn obìnrin Ìbàdàn, òmíràn fún Èkó, òmíràn fún àwọn ọ̀dọ́, òmíràn fún Ìnsítágíráàmù nìkan, ó ti pín àbájáde 50 sí 12 tàbí 13, kò sì sí èyí tí yóò kọ́ nǹkan kan nínú wọn. Bákan náà, bí a bá ń yí owó tàbí àwòrán padà lójoojúmọ́, ẹ̀rọ náà yóò máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lákọ̀tun. Ó kéré tán, kí a fi ọjọ́ 7 sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wá fi èyí wé pípín ọgbọọgba. ₦27,900 ni ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ì bá gbà. Lórí Gúgù, ₦10,800 ló máa ṣiṣẹ́, oníbàárà 6 náà ni. Lórí Fesibúùkù, ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù bíi 111 ni yóò wá lóṣù, 28 lọ́sẹ̀, oníbàárà bíi 14, bí owó orí ẹnì kan kò bá tilẹ̀ ga sí i nítorí ẹ̀rọ tí kò kọ́ṣẹ́ tán. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20, a sì ti ná owó oṣù náà tán. Ní ọ̀nà kejì, oníbàárà 31 ni, ₦22,900 sì ṣì wà lọ́wọ́.

Fídíò: owó tí a ń tọ́jú

₦22,900 yẹn ni ti fídíò, ṣùgbọ́n oṣù kìíní kọ́ ni a ó ná an. Kì í ṣe pé fídíò kò wúlò fún èlùbọ́. Kò sí ọjà tó tún nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀rù tó ń ba ẹni tó ń ra èlùbọ́ ní ìlú ńlá ni pé yanrìn ha wà nínú rẹ̀, ó ha ti hu olú, wọ́n ha ti fi nǹkan mìíràn lù ú. Fídíò ló lè fi hàn bí wọ́n ṣe bẹ iṣu, bí wọ́n ṣe bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí wọ́n sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe sá a sórí nǹkan mímọ́ títí ó fi di gbódó, tí wọ́n sì gbé e lọ sí ọlọ. Fóònù lásán ló tó láti yà á. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí gbogbo àgbàlá sì funfun fún iṣu tí wọ́n sá, ni kí wọ́n yà á, nítorí nígbà òjò kò ní sí ohun tí a ó yà.

Ní oṣù kìíní àti ìkejì, fídíò náà ni yóò jẹ́ ìpolówó orí Fesibúùkù fúnra rẹ̀. Owó ibẹ̀ ló ń ná, kò gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. A ó tún gbé e sórí Yútúùbù láìsanwó, kí ẹni tó bá wá orúkọ ọjà náà lè rí i. Bí owó oṣù méjì bá pé ₦45,800, ìgbà náà ni a ó ná an, ní ìlú kan ṣoṣo, láàárín ọjọ́ 10. Ká sọ pé Ìbàdàn ni. Nínú irú ìpolówó Yútúùbù tí ènìyàn lè fò, ẹni tó ń wò ó lè fò ó lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 5. Bí a bá ń sanwó lórí wíwò, Gúgù kò ní gba kọ́bọ̀ lórí ẹni tó fò ó. Ẹni tó wò ó dé ìṣẹ́jú-àáyá 30, tàbí tó wò ó tán bí kò bá gùn tó bẹ́ẹ̀, tàbí tó tẹ̀ ẹ́, nìkan ni a ń sanwó fún. Nítorí náà, inú ìṣẹ́jú-àáyá 5 àkọ́kọ́ ni orúkọ èlùbọ́ náà àti «Ìwéré-Ilé» gbọ́dọ̀ ti jáde lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó fò ó ti gbọ́ ọ ná, kò sì náni ní nǹkan. Bí wíwò kan bá jẹ́ ₦10, wíwò 4,580 ni owó yẹn yóò rà. Nínú ìlú kan, ìyẹn nítumọ̀. Ní gbogbo Nàìjíríà, òfo ni.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́? Kì í ṣe nípa àwọn tó tẹ̀ ẹ́, torí ẹni tó ń wo eré kì í dá eré dúró láti ra èlùbọ́. A ó wo iye ìgbà tí wọ́n tẹ orúkọ ọjà náà gan-an lórí Gúgù ní Ìbàdàn, kí fídíò tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, a ó sì fi wé Èkó níbi tí fídíò kò dé. Bí Ìbàdàn bá gòkè láti 4 sí 30, tí Èkó sì wà níbi tó wà, fídíò ló fà á. Bí ó bá jẹ́ láti 4 sí 9, kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn búra. Ó lè jẹ́ bó ṣe bọ́ sí i lásán.

Ìwé àkọsílẹ̀ lẹ́yìn Wọ́sáàpù

Nítorí pé orí Wọ́sáàpù ni ọ̀pọ̀ ọjà ti ń parí, kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ tán ibi tí oníbàárà ti wá. Ọ̀nà tó rọrùn ni pé kí ìlà tó gbé ènìyàn lọ sí Wọ́sáàpù láti ojú ewé tí ìpolówó Gúgù ń ṣí ní lẹ́tà tirẹ̀ nínú:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=Elubo+G
```

Ti fídíò á ní Y, ti Fesibúùkù á ní F nínú ọ̀rọ̀ tí a ti kọ sílẹ̀ fún oníbàárà láti fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń dáhùn yóò kọ lẹ́tà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ oníbàárà nínú ìwé, yóò sì kọ bóyá ó rà tàbí kò rà. Ní ìparí oṣù, owó tí a ná lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni a ó fi iye àwọn tó rà pín. Bí F bá fún wa ní ₦250 fún ọ̀rọ̀ kan ṣùgbọ́n tí ẹni 1 nínú 20 ló ń rà, ₦5,000 ni oníbàárà kan di, bó ti wù kí Wọ́sáàpù máa dún tó. Kí a tó dá Fesibúùkù lẹ́bi, kí a kọ́kọ́ wo àkókò tí a fi dáhùn. Oníbàárà tó béèrè iye ọjà láàárọ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì jẹ́ kó gbọ́ èsì títí di alẹ́, ti ra ti ẹlòmíràn.

Kí ọlọ́jà tó tan ìpolówó rárá, owó méjì mìíràn wà tí kò gbọdọ̀ gbàgbé. NAFDAC gbọ́dọ̀ ti forúkọ oúnjẹ tí a dì sínú àpò tà sílẹ̀. ARCON, àjọ tí òfin ọdún 2022 fún ní agbára lórí ìpolówó, sì ń béèrè pé kí òun yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde, títí kan ti ayélujára. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, àjọ náà gbé Mẹ́tà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, tó sì béèrè bílíọ̀nù 30 náírà, lórí ìpolówó tí wọ́n kò yẹ̀ wò. Ọlọ́jà kékeré tó bá ṣe ìpolówó mẹ́wàá yóò yẹ mẹ́wàá wò. Ìdí mìíràn nìyẹn tí fídíò kan tó dára fi sàn ju mẹ́wàá lọ.

Ìpín yìí kì í dúró sójú kan láàárín ọdún. Nígbà òjò tí gbódó bá wọ́n, ká sọ pé èrè orí àpò kan wálẹ̀ láti ₦4,500 sí ₦3,000. Òṣùwọ̀n wa náà yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí ₦1,300. Fesibúùkù tó ń mú oníbàárà wá ní ₦2,000 ti kọjá a. Bí a bá dín owó rẹ̀ kù sí ìdajì káàkiri oṣù, kò ní í kọ́ nǹkan kan. Ó sàn kí a pa á tì pátápátá títí iṣu tuntun yóò fi dé. Gúgù tó wà ní ₦1,800 náà ti kọjá, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò dọ́gba. A ó wo èyí tó ń mú ẹni tó rà wá ní iye tó rọlẹ̀, ó lè jẹ́ [elubo isu] nìkan, a ó sì pa ìyókù. Àwọn tó ti rà tẹ́lẹ̀ ni a ó máa tà fún lórí Wọ́sáàpù láìsanwó ìpolówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi nọ́ńbà ọlọ́jà pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà ọjọ́ tí oníbàárà bá kọ́kọ́ gba àpò rẹ̀ ni kí a ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fi nọ́ńbà náà pamọ́.